Ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ tí owó jáde, ọ̀tọ̀ ni oṣù tó ni ìnáwó

Nígbà tí ọdún bá ń parí lọ, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò kéékèèké máa ń ṣe. Wọn yóò ro gbogbo owó tó wọlé láti oṣù kìíní pọ̀, wọn yóò yọ gbogbo owó tó jáde kúrò nínú rẹ̀, iye tó bá ṣẹ́kù ni wọn yóò pè ní èrè. Ìṣirò yìí rọrùn, kò sì gba ìwé púpọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́, ó ní àléébù ńlá kan tó ti da àárín ọ̀pọ̀ èèyàn tó jọ ń ṣòwò rú. Àléébù náà ni pé kì í béèrè oṣù tí ohun tí wọ́n fi owó náà rà wà fún. Ọjọ́ tí owó jáde nìkan ló mọ̀.

Òótọ́ tó yẹ kí oníṣòwò mọ̀ ni pé oṣù tó jẹ àǹfààní ohun kan ló ni ìnáwó ohun náà, yálà wọ́n ti sanwó rẹ̀ ṣáájú ni o, tàbí ẹ̀yìn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá san án. Owó tí wọ́n san kí àǹfààní rẹ̀ tó dé ni àsansílẹ̀. Ìnáwó tí wọ́n ti jẹ àǹfààní rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n tí owó rẹ̀ kò tíì jáde, ni àjẹsílẹ̀. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ kí ó tó pín èrè, ó lè rẹ́ ẹni tí wọ́n jọ ń ṣòwò jẹ láìmọ̀, ó sì lè rẹ́ ara rẹ̀ jẹ.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò nínú ṣọ́ọ̀bù kan

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé èèyàn dáadáa, ẹ jẹ́ ká fi ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ kan ní ìlú Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ọmọ ìyá kan náà, ni wọ́n jọ dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2024. Oníkálùkù gbé ẹ̀rọ ìránṣọ tirẹ̀ wá, ó sì mú N400,000 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó okòwò. Àwọn méjèèjì jọ ń ránṣọ, wọ́n sì fẹnu kò pé ọgbọọgba ni àwọn yóò máa pín èrè lópin ọdún.

Onílé sọ pé owó ọdún méjì lòun yóò gbà, N720,000, wọ́n sì san án lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jọ́ tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́. Wọ́n gba àwọn aránṣọ méjì síṣẹ́, tí wọ́n ń gbowó lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá rán. Iṣẹ́ tí àwọn yìí bá ṣe lóṣù kan, ọjọ́ karùn-ún oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n máa ń sanwó rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà kò ní mítà tí wọ́n ń fi káàdì sí, nítorí náà ìwé owó iná ni iléeṣẹ́ amúnáwá ń mú wá, tòṣù tó kọjá ló sì máa ń jẹ́ nígbà tó bá dé.

Nígbà tí ọdún 2024 parí, ẹ̀gbọ́n sọ pé òun fẹ́ bá ọkọ òun lọ sí Àbújá, kí wọ́n ṣírò èrè, kí òun gba tòun. Wọ́n mú ìwé jáde. Àwọn oníbàárà ti san N3,600,000 jálẹ̀ ọdún náà. Owó tó jáde nìyí: owó ilé N720,000, owó àwọn aránṣọ N1,320,000, owó iná N165,000, òwú, bọ́tìnnì, síìpù, epo jẹnẹrétọ̀ àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ mìíràn N600,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ N2,805,000. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú owó tó wọlé, ó ku N795,000. Wọ́n ka owó tó wà ní báńkì, ó bá a mu rẹ́gí: N795,000 yìí ló wà níbẹ̀ lórí N800,000 tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ òwò.

Nígbà tí ìwé àti báńkì ti wá fẹnu kò báyìí, ta ni yóò tún rò pé ìṣirò náà kò tọ̀nà? Wọ́n pín N795,000 sí méjì, ó kan oníkálùkù ní N397,500. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ gba tirẹ̀ pẹ̀lú owó okòwò rẹ̀, kí ó sì máa lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, owó yẹn kò tó iye tó tọ́ sí i.

Owó ilé tí kò tíì tán

Ẹ kọ́kọ́ wo owó ilé. N720,000 tí wọ́n san, ọdún méjì ló wà fún, ìyẹn oṣù mẹ́rìnlélógún. Bí wọ́n bá pín in, N30,000 ló kan oṣù kan. Ní ọdún 2024, oṣù méjìlá péré ni wọ́n ti lò, owó rẹ̀ sì jẹ́ N360,000. N360,000 tó kù jẹ́ ti ọdún 2025. Lóòótọ́ ló ti kúrò lápò wọn, ṣùgbọ́n àǹfààní rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn án. Bí iṣu tí wọ́n rà sílẹ̀ sínú àká ni, tí wọn kò tíì sè.

Nínú ìṣirò tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí ṣe, wọ́n gbé gbogbo N720,000 lé ọdún 2024 lórí. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ẹ̀gbọ́n bá wọn san ìdajì owó ilé ọdún 2025, ọdún tí kò ní sí níbẹ̀. Àbúrò ni yóò jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù fún oṣù méjìlá láìsan kọ́bọ̀, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà l’Ábùújá yóò sì ti fi N180,000 ràn án lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn mọ̀.

Irú ìnáwó báyìí pọ̀ nílẹ̀ wa nítorí pé àwọn onílé fẹ́ràn láti gba owó ọdún púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ilé yíyá ní 2011, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun ní àwọn àdúgbò tí òfin náà mú. Ṣùgbọ́n bó ṣe ọdún kan náà ni wọ́n san, àsansílẹ̀ ṣì ni. Ẹni tó san owó ọdún kan ní oṣù keje, ìdajì owó náà ló jẹ́ ti ọdún tí wọ́n wà nínú rẹ̀, ìdajì yòókù di ti ọdún tó ń bọ̀.

Iṣẹ́ oṣù kejìlá tí wọn kò tíì sanwó rẹ̀

Apá kejì ni àjẹsílẹ̀. Owó àwọn aránṣọ tí wọ́n kọ sínú ìwé, N1,320,000, oṣù mọ́kànlá péré ló wà fún. N120,000 ni wọ́n san lóṣooṣù fún iṣẹ́ oṣù kìíní títí dé oṣù kọkànlá. Ti oṣù kejìlá ńkọ́? Nítorí ọdún Kérésì, iṣẹ́ pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ lóṣù náà, owó àwọn aránṣọ sì wọ N160,000. Àwọn oníbàárà ti gba aṣọ wọn, wọ́n ti sanwó, owó náà sì ti wà nínú N3,600,000 tó wọlé. Àmọ́, nítorí pé ọjọ́ karùn-ún oṣù kìíní 2025 ni wọn yóò tó sanwó àwọn tó rán an, ìnáwó náà kò sí níbì kankan nínú ìwé 2024. Wọ́n ka owó tí iṣẹ́ mú wá, wọn kò ka owó tí iṣẹ́ náà gbà.

Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ iná rí. N165,000 tí wọ́n san jẹ́ ti oṣù mọ́kànlá, N15,000 lóṣù. Iná tí wọ́n lò ní oṣù kejìlá, àárín oṣù kìíní ni ìwé rẹ̀ yóò dé, N18,000 ni yóò sì jẹ́. Tí a bá ro méjèèjì pọ̀, N178,000 ni ọdún 2024 jẹ sílẹ̀ kí ó tó lọ. Bí ẹ̀gbọ́n bá ti lọ, àbúrò nìkan ni yóò san án. Àwọn àgbà bọ̀ wọ́n ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Níbí, ẹnì kan bá wọn jẹ, ẹlòmíràn ló fẹ́ ru igbá.

Ìṣirò tó tọ́

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká tún un ṣírò, kí ọdún 2024 ru ẹrù tirẹ̀ nìkan.

Owó tó wọlé: N3,600,000.
Owó ilé oṣù méjìlá: N360,000.
Owó àwọn aránṣọ, oṣù méjìlá: N1,480,000.
Owó iná, oṣù méjìlá: N183,000.
Òwú, epo àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́: N600,000.
Gbogbo ìnáwó: N2,623,000.
Èrè: N977,000.

Èrè tòótọ́ jẹ́ N977,000, kì í ṣe N795,000. Ìdajì rẹ̀ ni N488,500. Bí ẹ̀gbọ́n bá gba N397,500 tí wọ́n kọ́kọ́ pín, N91,000 ló ṣòfò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ tún lè gba ọ̀nà mìíràn wò ó, ibì kan náà ni yóò já sí: ìdajì nínú owó ilé tó ṣẹ́kù, N180,000, jẹ́ tirẹ̀, ìdajì nínú gbèsè tó wà nílẹ̀, N89,000, wà lọ́rùn rẹ̀. Bí a bá yọ ìkejì kúrò nínú ìkíní, N91,000 náà ló kù.

Níbi tí ọ̀rọ̀ bá dé yìí, àbúrò lè pariwo pé, “Àǹtí mi, N795,000 ló wà ní báńkì lórí owó okòwò. Níbo ni N977,000 tí ẹ ń pè léèrè wà?” Ìbéèrè gidi ni, ó sì ní ìdáhùn. Apá kan nínú èrè náà kò sí ní báńkì, ọwọ́ onílé ló wà. Ẹ mú N795,000 tó wà ní báńkì, ẹ fi N360,000 owó ilé tí kò tíì tán kún un, kí ẹ wá yọ N178,000 tí wọ́n jẹ sílẹ̀ kúrò. N977,000 ni yóò kù, kò lé kọ́bọ̀, kò dín kọ́bọ̀. Ìdánwò yìí ló yẹ kí oníṣòwò máa fi yẹ ara rẹ̀ wò. Bí owó tó wà lọ́wọ́, pẹ̀lú àsansílẹ̀, tí wọ́n yọ àjẹsílẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, kò bá bá èrè mu nínú irú òwò báyìí, tí kò ní ọjà nínú àpótí tí kò sì tajà láwìn, ìnáwó kan ti sọnù tàbí wọ́n ti ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì.

Bí àbúrò bá wá fún ẹ̀gbọ́n ní N488,500, N306,500 ni yóò kù fún un nínú owó báńkì náà, yàtọ̀ sí owó okòwò. Kì í ṣe pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Ó ṣì ní ilé oṣù méjìlá tó tó N360,000, ó sì ní gbèsè N178,000 láti san. Bí ó bá ro ó pọ̀, N488,500 ni tirẹ̀ náà.

Ọdún kejì ni ìtànjẹ ti máa ń pọ̀ jù

Àwọn kan lè sọ pé àwọn kò ní ẹnikẹ́ni táwọn jọ ń pín èrè, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kò kan àwọn. Ó kàn wọ́n. Ẹ jẹ́ ká ní àbúrò nìkan ló ń dá ṣọ́ọ̀bù náà ṣe ní 2025, tó sì gba ẹlòmíràn síṣẹ́ láti ran èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń rán láìná owó kún un, kí ohun gbogbo má bàa yí padà: iye kan náà wọlé, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe, ìnáwó kan náà ni oṣù kọ̀ọ̀kan gbà. Bí ó bá ṣírò bó ṣe máa ń ṣírò tẹ́lẹ̀, yóò rí i pé òun kò san owó ilé rárá lọ́dún náà. N2,263,000 péré ni yóò rí pé ó jáde, yóò sì rò pé èrè òun jẹ́ N1,337,000. Èrè fò láti N795,000 sí N1,337,000 láìjẹ́ pé aṣọ kan ṣoṣo lé sí èyí tí wọ́n rán. Èrè tòótọ́ ṣì ni N977,000, bíi ti ọdún tó ṣáájú.

Irú ọdún báyìí ni oníṣòwò máa ń dín owó iṣẹ́ kù láti fa oníbàárà, tàbí kí ó ra ohun tí agbára rẹ̀ kò ká. Kò mọ̀ pé N30,000 ń jó lórí owó ilé lóṣooṣù, nítorí kò rí i kí ó jáde. Ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la: ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní 2026 yóò pé, onílé yóò kanlẹ̀kùn láti gba ti ọdún méjì mìíràn, ó sì ṣeé ṣe kí ó ti fowó lé e. Ẹni tó ti ń kọ N30,000 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìnáwó oṣù kọ̀ọ̀kan yóò ti fi í sínú iye tó ń gbà lórí aṣọ. Èyí tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ yóò sáré wá owó ní ẹlẹ́gbẹ́ẹ̀-alájẹṣẹ́kù.

Má ka ìnáwó kan lẹ́ẹ̀mejì

Ibi tí àwọn tó ti mọ̀ nípa àjẹsílẹ̀ ti máa ń ṣìṣe ni oṣù tí wọ́n san án. Lọ́jọ́ karùn-ún oṣù kìíní 2025, N160,000 yóò jáde fún àwọn aránṣọ. Bí àbúrò bá tún kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìnáwó oṣù kìíní, ó ti kà á lẹ́ẹ̀mejì: ẹ̀ẹ̀kan ní 2024 nígbà tí wọ́n jẹ ẹ́ sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ní 2025 nígbà tí wọ́n san án. Ohun tó tọ́ ni pé kí ó lọ sí ojú ewé àjẹsílẹ̀, kí ó fa ìlà sí N160,000 náà, kí ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé “a ti san án.” Owó báńkì dín kù, gbèsè náà dín kù, èrè oṣù kìíní kò yí padà.

Bí èèyàn ṣe lè tètè fura sí àṣìṣe yìí ni pé kí ó fi oṣù kìíní wé oṣù kejì. Bí owó iṣẹ́ oṣù kìíní bá fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ti oṣù méjì, tí iye aṣọ tí wọ́n rán kò sì pọ̀ bẹ́ẹ̀, ti oṣù kejìlá ti wọ inú rẹ̀. Bí ilà owó iná oṣù kan bá sì ṣófo pátápátá, kì í ṣe pé wọn kò tan iná lóṣù náà, ìwé ni kò tíì dé.

Bí ìwé kò bá tíì dé, báwo ni èèyàn yóò ṣe mọ iye tí yóò kọ? Yóò fojú bù ú. Bí ó bá fojú bu N18,000, tí ìwé wá jẹ́ N19,500, kò ní láti padà lọ tú ìwé 2024 palẹ̀. N1,500 tó lé ni yóò kọ sínú ìnáwó oṣù tí ìwé náà dé. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí ó má fi àyè náà sílẹ̀ lófo.

Ṣùgbọ́n ìfojúbù gbọ́dọ̀ ní ìdí. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni iye oṣù tó kọjá tó fi díwọ̀n. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná gbé owó iná àwọn tó wà ní ìpele àkọ́kọ́, tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́, láti nǹkan bí N68 sí N225 fún yúníìtì kan. Oníṣòwò tó wà ní ìpele náà, tó sì fi iye oṣù kẹta díwọ̀n ti oṣù kẹrin, ìdá mẹ́ta ohun tó jẹ ló kọ sílẹ̀. Nítorí náà, kí èèyàn tó fojú bu ìnáwó kan, kí ó bi ara rẹ̀ ní nǹkan méjì: ṣé bí mo ṣe lò ó tẹ́lẹ̀ ni mo ṣe lò ó, ṣé iye rẹ̀ kò sì yí padà?

Ìnáwó kan lè jẹ́ méjèèjì

Àwọn ìnáwó kan wà tí wọ́n máa ń jẹ́ àjẹsílẹ̀ ní apá kan ọdún, tí wọ́n á tún di àsansílẹ̀ ní apá kejì. Ẹ jẹ́ ká ní ìjọba ìbílẹ̀ ń gba N24,000 lọ́dún fún ìwé àṣẹ ṣọ́ọ̀bù, láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, ṣùgbọ́n tó jẹ́ ìparí oṣù kẹfà ni àwọn òṣìṣẹ́ wọn dé láti gbà á. N2,000 ló kan oṣù kan. Títí di ìparí oṣù karùn-ún, oníṣòwò náà ti jẹ N10,000 sílẹ̀, bí kò tilẹ̀ tíì rí ẹnikẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Nígbà tó san N24,000 ní ìparí oṣù kẹfà, N12,000 parẹ́ mọ́ oṣù mẹ́fà tó ti kọjá, N12,000 yòókù sì di àsansílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà tó kù. Ẹni tó bá gbé gbogbo N24,000 lé oṣù kẹfà lórí, yóò rí i pé èrè oṣù náà já wálẹ̀ láìnídìí.

Ohun tí èyí kọ́ni ni pé kí oníṣòwò máa ka rísíìtì dáadáa. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sókè rísíìtì, ọjọ́ tí owó jáde nìyẹn. Àkókò tí ìwé náà sọ pé owó náà wà fún, òun ló ń sọ oṣù tó ni ìnáwó. Gbogbo ìwé tó bá dé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ nínú ọdún tuntun, kí wọ́n yẹ ẹ́ wò bóyá ọdún tó kọjá ló ni ín.

Ojú ewé méjì ti tó

Kò di dandan kí ṣọ́ọ̀bù kékeré gba oníṣirò owó síṣẹ́ nítorí èyí. Ojú ewé méjì nínú ìwé àkọsílẹ̀ ti tó. Lójú ewé àsansílẹ̀, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n san, ọjọ́ tí wọ́n san án, oṣù tí ó bẹ̀rẹ̀ àti oṣù tí yóò parí, iye tó kan oṣù kan àti iye tó ṣẹ́kù. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, wọn yóò yọ ti oṣù náà, wọn yóò sì kọ ọ́ sínú ìnáwó. Lójú ewé àjẹsílẹ̀, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ti lò tí wọn kò tíì san, oṣù tó ni ín, iye rẹ̀ tàbí ìfojúbù rẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n wá san án.

Kì í ṣe gbogbo owó tó jáde ṣáájú ló yẹ ní ojú ewé yẹn. Owó tí onílé gbà pamọ́ nítorí ohun tó bá bàjẹ́, tí yóò dá padà nígbà tí ayálégbé bá kó jáde, kì í ṣe ìnáwó, owó oníṣọ́ọ̀bù ni lọ́wọ́ onílé. Jẹnẹrétọ̀ tuntun kì í ṣe àsansílẹ̀, dúkìá ni. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìdí láti máa pín owó ìgbálẹ̀ àti bọ́ọ̀lù òwú sí oṣù. Ohun tí kò lè yí ìpinnu ẹnikẹ́ni padà, kí wọ́n kọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n rà á, kí ó parí síbẹ̀.

Àsansílẹ̀ náà sì lè kú lójijì. Bí ìjọba bá wó ṣọ́ọ̀bù nítorí títì tí wọ́n fẹ́ fẹ̀, tí oṣù mẹ́sàn-án ṣì kù nínú owó ilé, tó sì hàn gbangba pé onílé kò ní dá a padà, N270,000 náà kì í ṣe àsansílẹ̀ mọ́. Kò sí àǹfààní kankan lọ́jọ́ iwájú tó ń dúró dè é. Oṣù tí wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù náà ni yóò ru gbogbo rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àdánù.

Owó ọwọ́ náà ṣe pàtàkì

Àwọn tó ń tako ìṣirò yìí máa ń sọ pé owó tó wà lọ́wọ́ ni owó, pé èrè inú ìwé kò lè san owó òṣìṣẹ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àbúrò inú àpẹẹrẹ yìí lè ní èrè N977,000 nínú ìwé, síbẹ̀ kí ó má rí owó san lọ́jọ́ karùn-ún oṣù kìíní bí ó bá ti ná ti báńkì tán. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n pa ìwé owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde tì. Ìlànà ìṣirò àgbáyé fún iléeṣẹ́ kéékèèké àti alábọ́ọ́dé, tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2014, gan-an gbà bẹ́ẹ̀: ó ní kí wọ́n kọ ìnáwó sí àkókò tó ni ín, àyàfi nínú ìwé tó ń ṣàlàyé bí owó ṣe wọlé tó sì jáde. Ìwé méjì ni, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe.

Ìwé owó ọwọ́ ló ń dáhùn ìbéèrè pé, ṣé a lè san gbèsè ọ̀sẹ̀ yìí? Ìwé èrè ló ń dáhùn pé, ṣé òwò yìí ń mówó wọlé, èló ló sì kan oníkálùkù? Wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí èèyàn bá bi ìwé kìíní ní ìbéèrè ìkejì. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó bá fẹ́ pínyà ní ìrọ̀rùn, kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó ka iye oṣù tó kù nínú owó ilé, kí wọ́n sì ka iṣẹ́ oṣù kejìlá tí wọn kò tíì sanwó rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí wọ́n tó pín owó.